Ẹ̀rin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀rọ̀ Kan

Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà dókítà Ulrich dé láti Bantè. Ojú ewé kan péré ni. Ìdúró ni Sọ̀fíyàt wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ṣùgbọ́n kí ó tó kà á dé ìdajì ó ti wá àga fìdí lé.

Dókítà náà ló ni ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan nítòsí ọjà Bantè. Ó ní òun ti ní kí agbẹ̀bí òun kan, Màmá Germaine, lọ jókòó sílé, nítorí pé ọkọ aboyún kan wá fẹjọ́ sùn pé ó bú ìyàwó òun níbi tó ti ń rọbí. Màmá Germaine ò jiyàn pé òun sọ ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń sọ ni pé kì í ṣe èébú. Dókítà kì í ṣe ọmọ Ìṣà, kò gbọ́ èdè náà, ẹ̀ka Yorùbá tí wọ́n ń sọ lágbègbè yẹn, ni ó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè tí àwọn Sọ̀fíyàt pín fún àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìwé lọ́dún tó kọjá. Ó wá ọ̀rọ̀ náà kàn. Òǹkà ẹ̀rin ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yí i padà sí iwájú ìwé láti mọ ohun tí ẹ̀rin jẹ́, ó sì rí i kà pé: èébú líle, tí a kì í sọ síni. Ó parí lẹ́tà rẹ̀ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwọn máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹnì kan nínú àwọn tó kọ ìwé wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kí òun lè dá obìnrin náà dúró pátápátá láìsí àríyànjiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà ni òbò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ilé ire ni wọ́n ti kọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ẹni tó ń ròyìn ìjà wá ń pe ọ̀rọ̀ yẹn ní "nǹkan ọ̀hún, nǹkan ọ̀hún", báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà sí? Mo ti sọ ọ́, ó tán.

Sọ̀fíyàt ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ já. Kì í ṣe nítorí Màmá Germaine nìkan. Ẹ̀rin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó sì mọ bí òun ṣe kọ ọ́.

Yàrá méjì ni biró wọn, ìyẹn ọ́fíìsì, ní Savalou, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì. Músé Élisée, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo èèyàn ṣì ń pè ní Músé bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń pe olùkọ́, ni olórí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń kó ọ̀rọ̀ Ìṣà jọ, ọdún kẹfà sì nìyí tí Sọ̀fíyàt, ọmọ ìlú Kókó, ti ń bá a ṣe é. Nígbà tí àwọn àgbà ìjọ kan wá bẹ Músé pé kí ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ rírùn kúrò nínú ìwé kí àwọn ọmọdé má bàa rí wọn, ó bi wọ́n pé ta ló kọ́ àwọn ọmọdé ní àwọn ọ̀rọ̀ náà kí ìwé tó dé. Ó ní ẹnu ìlú lọ̀rọ̀ wà, ìwé ò fi nǹkan kan kún un. Ohun tí ìwé lè ṣe ni kí ó sọ fún àlejò pé eléyìí wúwo, eléyìí ò wúwo, kí ó má lọ sọ ohun tí wọ́n máa lù ú sí.

Wíwúwo yẹn ni wọ́n ń fi òǹkà wọ̀n. Òdo ni ọ̀rọ̀ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ení jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Èjì ni ọ̀rọ̀ rírùn tí a ò ní sọ níwájú àgbà, àmọ́ tí kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ta ni èébú. Ẹ̀rin lẹ ti mọ̀. Músé máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ rírùn yàtọ̀ sí èébú: èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní bú ẹlòmíì kó sì sunkún, èèyàn sì lè sọ ọ̀rọ̀ rírùn kí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kì í sì í ṣe àwọn olùkọ̀wé ló ń yan òǹkà o. Àwọn tó ń sọ èdè ni wọ́n ń bi: obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Ta ló ń sọ ọ́? Sí ta? Níbo? Tí wọ́n bá sọ ọ́ sí ẹ, báwo ló ṣe máa rí lára ẹ? Ìdáhùn ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sórí fíìṣì ọ̀rọ̀ náà, káàdì kékeré kan, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìlú rẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Sọ̀fíyàt ló lọ bi àwọn obìnrin nípa ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ ìjà, ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta lápapọ̀. Agoua ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà, àwọn sẹ́mì, tó gbà láti gbé e. Kókó nìkan ló wá kù. Obìnrin mẹ́sàn-án jókòó yí i ká ní àgbàlá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ó ń ka ọ̀rọ̀, wọ́n ń dáhùn, ó ń kọ. Nígbà tó kan òbò, ó gbójú sókè, ojú òun àti ti ìyá rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ọmọ ọdún méje ló dà padà lójijì, ọmọ ọdún méje tí ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá lẹ́nu títí ètè rẹ̀ fi wú, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ó fò ó, ó ka èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó padà dé Savalou, àyè mẹ́sàn-án ṣófo lórí fíìṣì náà. Ó mú bíìkì ìkọ̀wé, ó kọ ẹ̀rin sí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Kí ló tún fẹ́ jẹ́, bí kò bá jẹ́ ẹ̀rin? Ètè tirẹ̀ ṣáà wú.

Àwọn ọkùnrin ti pe ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ta àti ẹ̀rin, wọ́n dáhùn tiwọn lóòótọ́. Ẹ̀rin mẹ́sàn-án ti Sọ̀fíyàt ló wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀rin nínú ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, kò lè jẹun. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó kàn máa lọ sí Bantè lọ́jọ́ Ajé, ó máa ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rin ni, ohun tí àwọn obìnrin sọ nìyẹn, Màmá Germaine á sì máa lọ sílé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń gbẹ̀bí. Tó bá sì jẹ́wọ́, ta ló tún máa gba òǹkà kankan gbọ́ nínú ìwé tí Músé fi ọdún mọ́kànlá ṣe? Ìtìjú ń jẹ ẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú fíìṣì náà, ó lọ gbé e kalẹ̀ níwájú Músé Élisée, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Músé ò pariwo. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó wo ẹ̀rin mẹ́sàn-án náà tí wọ́n jọra wọn bí ìbejì.

"Lọ bi wọ́n," ó ní. "Bi wọ́n bó ṣe yẹ kí o bi wọ́n nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí o kọ. Tí wọ́n bá ní ẹ̀rin ni, ẹ̀rin náà ni, kí obìnrin yẹn máa lọ sílé rẹ̀. Má lọ wá òdo bọ̀ nítorí àánú."

Sọ̀fíyàt ní òun gbọ́.

"Lọ́jọ́ Ajé, màá bá ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo máa sọ ọ́."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gun sẹ́mì lọ sí Kókó. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, ẹnì kan ti ṣaláìsí, ẹnì kan ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Parakou. Ó ku méje. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kó wọn jọ. Ilé dé ilé ló ń lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má bàa tẹ̀ lé ẹnu èkejì. Ní ilé àkọ́kọ́, agbára káká ló fi pe ọ̀rọ̀ náà jáde, ìyá àgbà tó ń bi sì ní kí ó tún un sọ nítorí etí òun ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ó tún un sọ. Ìyá náà ní òun ò tíì gbọ́. Ó pariwo rẹ̀ ní ìgbà kẹta débi pé àwọn tó ń gún iyán nílé kejì dáwọ́ dúró. Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́ láti ìgbà àkọ́kọ́.

"Òdo," ó wí. "Ara mi ni. Ṣé orúkọ ara mi ló máa bú mi?"

Èkejì ní òdo. Ẹ̀kẹta, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ wòlíì nínú ìjọ aláṣọ funfun, ní èjì, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Sọ̀fíyàt má sọ ọ́ fún wòlíì pé òun dáhùn rárá. Ẹ̀kẹrin kọ̀ láti dáhùn kí ó tó bèèrè ìbéèrè tirẹ̀: ẹnu ta ló ti jáde? Tó bá jẹ́ obìnrin bíi tòun, níbi ìwẹ̀ tàbí níbi ìgbẹ̀bí, òdo ni. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ló sọ ọ́ sí òun lójú títì, ẹ̀ta ni, òun á sì gbé omi gbígbóná. Tí ẹnikẹ́ni bá wá fi "ìyá rẹ" kún un, ẹ̀rin ni, kò sí ìdáríjì níbẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀ nígbà tó sọ ìyẹn. Sọ̀fíyàt kọ gbogbo rẹ̀. Ó ti ń rí ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe: èébú náà wà nínú gbólóhùn, orí ọ̀rọ̀ lásán ni òun sì gbé òǹkà lé.

Láti ibẹ̀ lọ, ó fi gbólóhùn "ìyá rẹ" kún ìbéèrè, ó sì padà lọ bi àwọn mẹ́ta ìṣáájú; ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà ní òdo fún ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wọn sì ní ẹ̀rin fún gbólóhùn náà. Ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó bá a níbi tó ti ń gé iṣu tí yóò sá sí èlùbọ́. Ó kí i, ó gba ọ̀bẹ kejì, àwọn méjèèjì jọ ń gé e fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í. Ìyá rẹ̀ ò dá ọwọ́ dúró.

"Òdo," ó ní.

"Òdo kẹ̀, Ìyá? Ẹ̀yin tí ẹ gbá mi lẹ́nu!"

Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò. "Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Sọ̀fíyàt ní bàbá òun wà níbẹ̀.

"Bàbá rẹ, àti àwọn tó wá fi àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n rẹ hàn wá. Àwọn àna, Sọ̀fí. O jó wọ ààrin wọn, o ń fi kọrin. Ẹnu rẹ ni mo gbá, n ò gbá ọ̀rọ̀ náà." Ó ju ègé iṣu sínú abọ́. "Ọgbọ̀n ọdún lé ni o fi gbé ìyẹn sínú? O ò ṣe bi mí?"

Sọ̀fíyàt kọ òdo náà sílẹ̀. Ó bèèrè gbólóhùn tí ìyá rẹ̀ máa fi lo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé gbogbo fíìṣì ló gbọ́dọ̀ ní àpẹẹrẹ. Ìyá rẹ̀ ronú díẹ̀, ó ní: "Fọkàn balẹ̀, òbò rẹ ti ṣí, orí ọmọ ti yọ." Sọ̀fíyàt kọ ọ́ sílẹ̀. Sẹ́mì tó máa gbé e padà ti ń fun fèrè níta, ni ó bá dìde, ó gbàgbé láti bèèrè ẹni tó ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n jókòó sí yàrá dókítà Ulrich ní Bantè. Màmá Germaine wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó ṣiṣẹ́. Jimoh, ọkọ tó fẹjọ́ sùn, jókòó sí òdìkejì. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ń ta epo bẹntiróòlù lójú ọ̀nà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Alice ìyàwó rẹ̀, ọmọ Agoua, pọn ìkókó náà sẹ́yìn. Dókítà ní kí àwọn olùkọ̀wé sọ ti ẹnu wọn.

Sọ̀fíyàt dìde.

"Ẹ̀rin yẹn, èmi ni mo kọ ọ́," ó ní. "N ò bi obìnrin kankan. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Dókítà bi í pé kí wá ni ìwúlò ìwé tí àwọn tó kọ ọ́ ń rò nǹkan. Ìbéèrè náà dun Sọ̀fíyàt, nítorí pé òótọ́ ni. Músé Élisée ò gbà á sílẹ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀. Sọ̀fíyàt wá tú fíìṣì tuntun, ó ka ìdáhùn àwọn méje náà láìyọ ọ̀kan: òdo márùn-ún, èjì kan, àti ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ẹnu tó ti jáde. Ó ka ti gbólóhùn tó ní "ìyá rẹ" náà: ẹ̀rin, ẹ̀rin, ẹ̀rin, títí dé òpin. Ó ní lẹ́tà dókítà ò sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ, òun náà ò sì lè sọ bó ṣe wúwo tó láìgbọ́ odindi gbólóhùn.

Ó wá hàn pé kò sẹ́ni tó tíì bèèrè. Jimoh ní ojú fèrèsé ni òun wà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ta sí òun létí. Gbogbo wọn bá kọjú sí Alice, tí ẹnikẹ́ni ò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ méjìlá tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó ní kí n tú òbò mi sílẹ̀ kí ọmọ lè kọjá," Alice sọ. "Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Faransé lẹ́ẹ̀mejì, kò yé mi. Ìgbà tí Màmá sọ ọ́ báyẹn ló yé mi, ni mo ṣe tú u sílẹ̀." Ó mi ìkókó ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. "Ta ló bú mi níbẹ̀?"

Jimoh fọwọ́ pa ojú. Ó sọ fún wọn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, pé ní Ìsẹ́yìn, tí èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyàwó oníyàwó, ẹ̀jẹ̀ lè ta sílẹ̀, òun ò mọ̀ pé wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Sọ̀fíyàt dá a lóhùn pé irọ́ kọ́ ni tirẹ̀ náà, àwọn máa kọ ọ́ sínú ìwé pé lẹ́nu àwọn Yorùbá ìhà Nàìjíríà, ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ pé ìyẹn tù ú lára díẹ̀. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Germaine.

Dókítà ní kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọ̀sán ọjọ́ náà. Màmá Germaine dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣókí. Àmọ́ nígbà tí Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ fún un ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò tètè ní kó dìde.

"Ọjọ́ méjìlá ni mo fi jókòó sílé," ó ní. "Ọmọ mi ò bi mí léèrè ohun tí mo sọ. Ó ní ìwé ti sọ ọ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ̀rin, ẹ wá bi mí. Mi ò jìnnà."

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n padà sí biró ní Savalou. Músé Élisée wá ka ohun tó kù láti ṣe: gbogbo ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínláàádọ́ta yẹn ni Sọ̀fíyàt máa padà lọ bèèrè, láti ìbẹ̀rẹ̀, ní Agoua, ní Kókó àti ní Bantè. Wọ́n máa tẹ àtúnṣe sórí bébà pélébé, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ìwé ti lọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé náà. Lórí bébà yẹn, wọ́n máa kọ ọ́ pé àṣìṣe àwọn olùkọ̀wé ni. Sọ̀fíyàt ní kí wọ́n kọ orúkọ òun. Músé ní "àwa" ni wọ́n máa kọ, kò sí "èmi" níbẹ̀, ó sì lọ dáná tíì.

Wọ́n jọ tún fíìṣì náà kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ wá ní ọ̀rọ̀ tó mọ́, nítorí kò yẹ kí ìtumọ̀ rùn kódà bí ọ̀rọ̀ bá rùn. Òdo lẹ́nu obìnrin sí obìnrin, ẹ̀ta lẹ́nu ọkùnrin. Gbólóhùn tó ní "ìyá rẹ" gba ìlà tirẹ̀ lábẹ́, ó sì gba ẹ̀rin tirẹ̀. Músé ka àpẹẹrẹ náà, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n ń kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ṣófo. Ó na ìka sí i. Ó ní òun ò tún fẹ́ rí àyè òfìfo lórí fíìṣì yìí láéláé.

Sọ̀fíyàt pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní kí ìyá má bínú, gbólóhùn ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ta ló sọ ọ́, sí ta, nígbà wo?

"Ìyá bàbá rẹ ló sọ ọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Èmi ló sọ ọ́ fún. Ọjọ́ tí mo bí ẹ."

Músé ń dúró dè é pẹ̀lú bíìkì lọ́wọ́. Sọ̀fíyàt gba bíìkì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa fíìṣì sọ́dọ̀, ó sì kọ ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ sínú àyè tó ṣófo náà.